Kátúùnù àtijọ́ tí mo fẹ́ fẹ̀ dé 1080: ìlà funfun ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìlà dúdú

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní dífídì kátúùnù àwọn ará Japan kan tí wọ́n yà láyé ọdún 1980 sí 89, èyí tí wọ́n fọwọ́ kùn lórí ike. NTSC ni, 720x480. Mo fẹ́ sọ ọ́ di 1080 kí àwọn ọmọ mi lè wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Mo fi Lanczos fẹ̀ ẹ́, ìlà funfun kan wá ń tẹ̀ lé gbogbo ìlà dúdú bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì tò ó, tí àwọn èèyàn inú ẹ̀ bá sì ń sáré ìlà ẹsẹ̀ wọn á yọ́ mọ́ra bí ọ̀dà tí ò tíì gbẹ. Mo ní kí n pọ́n ọn díẹ̀, ó tún wá burú sí i. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa?

Fẹ̀ẹ́_Kíá
Ọ̀gá mi ẹ má da ara yín láàmú, Lanczos ti di ìtàn. Ẹ tú gbogbo férémù sínú fódà kan kẹ́ ẹ sì fún módẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dìídì kọ́ pẹ̀lú kátúùnù:

```
realesrgan-ncnn-vulkan -i in -o out -n realesr-animevideov3 -s 4
```

Ìlà á dúró bíi pé wọ́n fi bírò tuntun fà á. Èmi fi ṣe kátúùnù kan tó jáde ní 2006, ìyàwó mi rò pé mo lọ ra ojúlówó ni.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Mo dán an wò lálẹ́ àná. Bọ̀dá, ìlà dúdú mú lóòótọ́ o, àmọ́ ìlà funfun yẹn náà mú! Tẹ́lẹ̀ ó ń tàn fírífírí ni, ní báyìí ó ti di ìlà gidi, bíi pé ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló fà á síbẹ̀. Ìpéǹpéjú àti irun ojú ọmọkùnrin yẹn ti so pọ̀ di ẹyọ kan.

Àgbà_Férémù
Kò yà mí lẹ́nu. Módẹ́ẹ̀lì yẹn ò mọ èyí tí ayàwòrán fà yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ dá sílẹ̀, ohun tó bá ti jọ ìlà lójú ẹ̀ ìlà ni, á sì tún un ṣe dáadáa fún ẹ. Kátúùnù 2006 tí Fẹ̀ẹ́_Kíá ń wí, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti kùn ún, kò gba orí fíìmù àti téèpù kọjá kó tó dé dísìkì, ìyẹn ló ṣe rọrùn fún un. Kì í ṣe pé irọ́ ló pa.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá, kí ẹnikẹ́ni tó fún ẹ lóògùn, ṣe ìdánwò kan fún mi. Hélò là ń pe ìlà funfun yẹn, méjì ló wà, a ò sì mọ èyí tó ń ṣe ẹ́. Ọ̀kan wà nínú dísìkì kóo tó rà á, èkejì ìwọ lo fi ọwọ́ ara ẹ dá a sílẹ̀ nígbà tóo ń fẹ̀ ẹ́. Mú férémù kan tí nǹkan ò ti rìn, ibi tí orí èèyàn dúró níwájú ojú ọ̀run ló dáa jù torí búlúù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kóo fẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú Point. Point kì í ṣe ìṣirò kankan, ṣe ló kàn ń sọ píkísẹ́ẹ̀lì kan di mẹ́rìndínlógún tó jọra.

```python
import vapoursynth as vs
core = vs.core
c = core.bs.VideoSource("ep1.mkv")
p = core.resize.Point(c[1200], width=2880, height=1920)
l = core.resize.Lanczos(c[1200], width=2880, height=1920)
```

Gbé p àti l kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kóo wo etí kan náà. Ìlà funfun tóo bá rí nínú p, ti dísìkì ni. Èyí tó bá jẹ́ inú l nìkan ló wà, tìẹ ni. Tún lọ síbi tí wọ́n ti ń sáré nínú c fúnra ẹ̀, láì fẹ̀ ẹ́ rárá, kóo máa tẹ̀ ẹ́ ní férémù kọ̀ọ̀kan, férémù mẹ́wàá péré, kóo sọ ohun tóo rí fún mi.

Màmá_Ìbejì_SE15
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lù yín. Mo ní fídíò ìgbéyàwó màmá mi, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe é ní 1991, orí kásẹ́ẹ̀tì ló wà. Ojú gbogbo èèyàn bàìbàì. Ṣé FineDehalo tó ń yọ hélò, tí mo rí níbòmíì yẹn, àti módẹ́ẹ̀lì kátúùnù yìí lè mú ojú ìyá mi mọ́lẹ̀?

Àgbà_Férémù
Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ má ṣe é o. Ohun tí àwọn nǹkan wọ̀nyí gbà gbọ́ ni pé àárín ìlà méjì àwọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe é sójú èèyàn, awọ ara á tẹ́ bíi ti bébí oníke, ilà ojú àwọn àgbà ibẹ̀ á sì di ìlà pẹ́ńsù tàbí kó pòórá. Ẹ wá fórọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fídíò kásẹ́ẹ̀tì mà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bọ́tìnnì ṣápúnẹ́ẹ̀sì wà lára ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń lù ú, kẹ́ ẹ yí i wálẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ tó tún un gbà sílẹ̀, torí òun náà máa ń fi hélò sí i.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Mo ti dé. Àgbà, ẹ ò ní gbà gbọ́: àwọn méjèèjì ló wà ńbẹ̀! Nínú p, ìlà funfun kan wà tó fẹ̀ tó píkísẹ́ẹ̀lì méjì ti dísìkì, apá òsì àti ọ̀tún orí ló pọ̀ sí, òkè orí àti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní. Nínú l, èyí yẹn ṣì wà, ìlà kan tún wá gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ òde, tín-ín-rín, bí omi tí òkúta bọ́ sí.

Ibi eré sísá, férémù mẹ́ta máa ń mọ́ tónítóní, méjì tó tẹ̀ lé e á ní eyín bí eyín òòyà lára ẹsẹ̀ wọn, mẹ́ta tún mọ́, méjì tún ní eyín. Bó ṣe ń lọ nìyẹn.

Àgbà_Férémù
O ṣeun, ojú ẹ mú. Gbogbo ìdáhùn ti wà nínú ohun tóo kọ yẹn.

Mẹ́ta mọ́, méjì ní eyín: tẹlisínì nìyẹn. Orí fíìmù ni wọ́n ya kátúùnù náà sí, férémù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá, tẹlifíṣọ̀n NTSC sì fẹ́ bíi 30, wọ́n wá la férémù sí ìdajì méjì-méjì, ìlà kan fò kan, wọ́n pín àwọn ìdajì náà ní mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, méjì títí ó fi pé. Àwọn férémù tó ní eyín yẹn, ìdajì àwòrán kan àti ìdajì àwòrán tó tẹ̀ lé e ló wà nínú wọn. Ìwọ wá lọ fẹ̀ ẹ́ báyẹn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ̀ ẹ́ ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ó po ìlà òkè mọ́ ìlà ìsàlẹ̀, ọ̀dà tí ò gbẹ tóo ń rí nìyẹn. Kò sí oògùn tó lè tún un yà lẹ́yìn tóo bá ti fẹ̀ ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kóo kó àwọn ìdajì padà sọ́dọ̀ ara wọn, kóo sì yọ férémù kan tó jẹ́ àdàkọ nínú márùn-ún, kó padà sí 23.976. Fún mi lóhùn, ṣé o fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ "deinterlace" sí?

Ti hélò òsì-ọ̀tún yẹn: láyé téèpù, àwòrán máa ń rìn láti òsì sí ọ̀tún bí iná wáyà ni, àwọn tó tẹ dísìkì wá ti pọ́n ọn lórí ìrìn yẹn kó lè dà bíi pé ó mú lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré ìgbà yẹn. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn. Àwa tá a ń wò ó lórí íǹṣì 55 la wá ń jìyà ẹ̀.

Èkejì, èyí tó dà bí omi tí òkúta bọ́ sí, Lanczos ló ni ín. Ìyọkúrò wà nínú ìṣirò ẹ̀, tó bá dé ibi tí dúdú ti pàdé búlúù á ju ìwọ̀n lọ, á sọ ẹ̀gbẹ́ kan di dúdú jù, ìkejì á mọ́lẹ̀ jù. Lára fọ́tò igbó, ewé á bo gbogbo ẹ̀. Lára ojú ọ̀run tó jẹ́ àwọ̀ kan pẹrẹsẹ kò síbi tó fẹ́ sá sí. Pípọ́n tóo tún lọ pọ́n ọn, hélò lóo pọ́n.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Mo fi àmì sí "deinterlace" o. Wọ́n ní kéèyàn máa fi síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti jẹ́ dífídì.

Àgbà_Férémù
Mú un kúrò. Ìyẹn wà fún bọ́ọ̀lù àti ìròyìn tí kámẹ́rà fídíò gbà. Lórí tìẹ, á ju ìdajì kan nù, á wá máa méfò ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì gidi náà wà nínú férémù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sọnù.

```python
import havsfunc as haf
from nnedi3_rpow2 import nnedi3_rpow2
c = core.vivtc.VFM(c, order=1)
c = core.vivtc.VDecimate(c)
c = core.resize.Point(c, format=vs.YUV420P16)
c = haf.FineDehalo(c, rx=2.0, ry=1.4, darkstr=0.0, brightstr=1.0)
c = nnedi3_rpow2(c, rfactor=2, width=1280, height=960, kernel="bicubic")
c.set_output()
```

VFM ló ń kó àwọn ìdajì padà sọ́dọ̀ ara wọn, VDecimate ló ń yọ àdàkọ. Tí eyín bá pọ̀ sí i dípò kó dín, yí order sí 0. darkstr lo gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù nínú gbogbo ẹ̀, 1.0 ló máa ń wà tó ò bá fọwọ́ kàn án, ìlà dúdú ayàwòrán ni á sì máa jẹ, wàá rí i tí ìlà ń ṣá, tó ń tín-ín-rín. Fi í sí 0. Hélò ti ẹ funfun ni, brightstr ló kàn án. rx ju ry lọ torí o sọ pé òsì àti ọ̀tún ló pọ̀ sí.

nnedi3 ò ní hélò bíi ti Lanczos torí kò fọwọ́ kan àwọn ìlà tó wà nílẹ̀, ṣe ló ń fa tuntun sí àárín wọn, á tẹ̀ lé bí ìlà bá ṣe dagun. Mo sì dúró sí 960, mi ò lọ sí 1080. Ìlọ́po méjì gééré ni 960 jẹ́ sí 480. Ìyókù tẹlifíṣọ̀n fúnra ẹ̀ á fẹ̀ ẹ́, ìwọ̀nba tó kù ò tó nǹkan.

Fẹ̀ẹ́_Kíá
Àgbà mo gba tiyín, àmọ́ mo ti lo FineDehalo yẹn rí, ó pa ìràwọ̀ gbogbo ojú ọ̀run òru mọ́ mi lọ́wọ́. Nǹkan funfun kékeré tó bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, hélò ni lójú ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá mi wí lé lórí náà lòun náà ń ṣe.

Àgbà_Férémù
Òótọ́ lo sọ, mi ò lè jiyàn. Ó máa ń ṣọ́ra díẹ̀ níbi tí ìlà bá ti sún mọ́ra jù, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń yege. Fi showmask=1 sí i kóo tó gbà á gbọ́: ibi tó bá funfun nínú àwòrán yẹn ni á fọwọ́ kàn. Tó bá jẹ́ etí ìlà nìkan ló mọ́lẹ̀, ó dáa. Tí ìràwọ̀ àti ẹyin ojú bá wà nínú ẹ̀, dín rx kù tàbí kóo yọ ìran yẹn sọ́tọ̀ kóo má fi oògùn sí i rárá.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Eyín òòyà ti lọ pátápátá, ẹsẹ̀ wọn dúró wáí! Hélò náà ti lọ. Àmọ́ àmì funfun kékeré inú ẹyin ojú wọn ti di eérú, ṣe ni gbogbo wọn dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo wo showmask, ẹyin ojú wà nínú ẹ̀ lóòótọ́. Mo dín rx sí 1.6, ry sí 1.0, brightstr 0.8, ojú wọn ti padà, hélò tó ṣẹ́kù ò ju òjìji lọ, tí mi ò bá súùmù mi ò rí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan ló kù. Ọmọ yẹn wọ kóòtù pupa, pupa ẹ̀ ń jáde kọjá ìlà sí apá ọ̀tún, ó wọ inú ojú ọ̀run. Mo ti yí rx títí, kò gbọ́. Hélò wo nìyẹn?

Àgbà_Férémù
Ìyẹn kì í ṣe hélò. Yọ àwọ̀ kúrò kóo wò ó:

```python
g = core.std.ShufflePlanes(c, 0, vs.GRAY)
```

Tó bá pòórá nígbà tí gbogbo ẹ̀ di eérú, àwọ̀ ló ń rìn, FineDehalo ò sì lè rí i torí ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń wò. Ìlà dúdú nínú dísìkì ẹ jẹ́ 720x480 lóòótọ́, àmọ́ 360x240 péré ni wọ́n fi pa àwọ̀ mọ́, torí náà àwọ̀ ò lè gún régé bí ìlà láéláé, á máa yọ díẹ̀ síta. Tó bá wá jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ló ń yọ sí ní gbogbo ìran, a jẹ́ pé ó ṣí kúrò láyè ẹ̀ nígbà tó wà lórí téèpù nìyẹn, o kàn máa tì í padà ni:

```python
y, u, v = core.std.SplitPlanes(c)
u = core.resize.Spline36(u, src_left=0.5)
v = core.resize.Spline36(v, src_left=0.5)
c = core.std.ShufflePlanes([y, u, v], [0, 0, 0], vs.YUV)
```

0.5 yẹn jẹ́ píkísẹ́ẹ̀lì kan ti ìlà dúdú, sí apá òsì. Kó wà lẹ́yìn VDecimate, kó tó kan fífẹ̀. Wo ibi mẹ́ta mẹ́rin, kóo má fi ìran kan ṣoṣo ṣèdájọ́.

Ìyá_Kékeré_Leeds
Ẹ̀gbọ́n, tèmi ń kọ́? Kátúùnù ará Japan lèmi náà ní o, ìlú ọba níbí ni mo ti ra dísìkì, PAL, 720x576. Mo ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sókè, VFM ò ríran rí nǹkan kan. Kò sí eyín òòyà, àmọ́ tí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè ọwọ́ méjì ni mo máa ń rí, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan bí iwin.

Àgbà_Férémù
Àbúrò, tìẹ le ju ti Ọmọ_Mọ́kọ́lá lọ. NTSC ni wọ́n fún àwọn tó tẹ dísìkì yín, wọ́n wá sọ ọ́ di PAL nípa pípo férémù méjì pọ̀ mọ́ra, ìkejì ló dà bí iwin yẹn. Eyín òòyà, a lè ya á padà torí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣì dá wà. Tìẹ ti di omi àti wàrà. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní srestore, ó máa ń wá àwọn férémù tí ò ní iwin, á sì ju ìyókù nù, nígbà míì ó ń ṣiṣẹ́, tí eré bá pọ̀ á ṣìnà. Tóo bá rí dísìkì NTSC ẹ̀ rà, rà á. Má fi módẹ́ẹ̀lì kankan sí i bó ṣe wà yẹn, á fún iwin ní ìka márùn-ún.

Ìyá_Kékeré_Leeds
Ha! Owó mi. Ẹ ṣeun sà.

Fẹ̀ẹ́_Kíá
Ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi padà wá, torí mo ti dán nǹkan wò lórí dísìkì àtijọ́ kan láti ìjẹta. Mo ṣe VFM, VDecimate, FineDehalo bí Àgbà ṣe wí, mo wá DÍN in kù sí 540x360 ná, kí n tó fún módẹ́ẹ̀lì. Àwòrán yẹn ò ní 480 gidi nínú tẹ́lẹ̀, bàìbàì ló kún un. Nígbà tó kéré, ìwọ̀nba hélò tó ṣẹ́kù fún pọ̀, módẹ́ẹ̀lì ò rí i fà mọ́. Ìlà wá mú ju ti nnedi3 lọ fíìfíì. Ẹ wò ó fúnra yín.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Mo ṣe ti Fẹ̀ẹ́_Kíá lórí ìṣẹ́jú méjì. Ojú àwọn èèyàn dáa gan-an, mi ò purọ́, ó dáa ju tèmi. Àmọ́ igi àti òkè tó wà lẹ́yìn wọn, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà olómi kùn, gbogbo àmì búrọ́ọ̀ṣì ti lọ, ó ti dà bíi rọ́bà, ó sì ń mì tìtì díẹ̀díẹ̀ láti férémù kan sí èkejì nígbà tí nǹkan kan ò rìn.

Àgbà_Férémù
Ọgbọ́n ni dídín in kù yẹn, mo ti rí i kó ṣiṣẹ́. Mímì yẹn ń wá torí férémù kọ̀ọ̀kan ló ń dá wò, hóró fíìmù tó bá yí díẹ̀, ìdáhùn ẹ̀ á yí. Àwọn kan máa ń gba ìlà lára módẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì gba ẹ̀yìn lára nnedi3, wọ́n á fi máàskì so méjèèjì pọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí ìlà àti ẹ̀yìn bá jọ ara wọn lójú máàskì, wàá rí ojúrán. Lójú tèmi, kí ìlà rọ̀ díẹ̀ sàn ju kí òkè máa gbọ̀n.

Fẹ̀ẹ́_Kíá
Àwọn ọmọdé ò wo òkè o, ojú akọni ni wọ́n ń wò.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Èmi ń wo òkè jàre. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nnedi3, ìpín kan ìṣẹ́jú 24 jẹ́ bíi férémù 34,500, x265 bíìtì mẹ́wàá ni mo fi ń pa á mọ́ kí ojú ọ̀run má baà di àtẹ̀gùn. Mo gé e sí wẹ́wẹ́ torí iná, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti mú un lọ lórí ìpín kìíní nìkan. Ti àwọ̀ yẹn náà, 0.5 pọ̀ díẹ̀, 0.35 ló bọ́ sójú ẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo: òṣùpá inú ìpín kejì dà bíi pé ó gùn díẹ̀ lọ sókè, kì í ṣe róbótó. Mo rí dúdú píkísẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ lápá òsì àti mẹ́jọ lápá ọ̀tún. Ṣé 720 ni mo máa sọ di 1280 ni àbí 704 tó kù láàárín?

Àgbà_Férémù
Gé mẹ́jọ-mẹ́jọ yẹn kúrò, 704 ni kóo sọ di 1280. Ìwọ̀n tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn nìyẹn.

Fẹ̀ẹ́_Kíá
Kì í ṣe gbogbo dísìkì o. Mo ní èyí tí mo gé sí 704, tí táyà ọkọ̀ inú ẹ̀ wá fẹ̀ bí ẹyin tó dùbúlẹ̀, 720 ló bá a mu. Ẹ wọn òṣùpá yẹn kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Mo wọn òṣùpá, 704 ló bá a mu. Mo wọn táyà inú ìpín kẹta, 720 ló bá ìyẹn mu. Dísìkì kan náà o!

Àgbà_Férémù
Wá òṣùpá míì.